Lẹ́tà sí Mẹ́ẹ̀rì Àjà-Wẹ̀rẹ̀: Omi Ni Kí A Kọ́kọ́ Bèèrè

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó epo payó sí ní Sẹ̀mẹ̀-Krakẹ́, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ó ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ tí iná náà pa. Irú epo bẹ́ẹ̀ ni a ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní ìgbèríko wa, tí ẹlòmíràn sì ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sínú iyàrá tí ọmọ ń sùn. Bí ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú bá wá jókòó ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ tàbí ní Ìpinlẹ̀ láti kọ̀wé sí mẹ́ẹ̀rì, ohun mẹ́ta ni wọn yóò fẹ́ bèèrè: ibùdó panápaná, ojú omi panápaná létí òpópó, àti ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó fún ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé bí ẹni to ẹrù lórí igbá, èsì tí ó rọrùn fún mẹ́ẹ̀rì ni pé kò sí lọ́wọ́ òun, òótọ́ ni yóò sì sọ lórí ọ̀kan nínú wọn.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ ogun ni àwọn panápaná tí à ń pè ní pọ̀mpíyé. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun ni ó sì ń pinnu ibi tí wọn yóò gbé. Mẹ́ẹ̀rì kò lè yan ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ tí a ó kọ́ ibùdó sí, ọ̀nà inú ìlú, àti ohùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ omi. Nítorí náà, mẹ́ẹ̀rì ni kí a kọ lẹ́tà sí, kí a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí pẹrẹfẹ́ ní Pọ́bẹ̀, kí a sì bẹ mẹ́ẹ̀rì ní gbólóhùn kan tí kò lọ́ pé kí ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ibùdó náà, kí ó sì gbé ẹ̀bẹ̀ wa lọ sókè. Ọ̀rọ̀ ibùdó kò gbà ju ìyẹn lọ nínú ìwé náà.

Omi ni ó yẹ kí ó gba ààyè. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo iná kan tí ó mú ilé lẹ́yìn ọjà Ìpinlẹ̀. Ká ní ọkọ̀ panápaná dé láìpẹ́, tí ó sì gbé omi 3.000 lítà sínú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú rẹ̀ ti ń gbé. Okùn rọ́bà kan ṣoṣo lè tú 500 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 6 péré, omi tán. Níbo ni ọkọ̀ náà yóò ti pọn òmíràn? Bí ẹ̀rọ omi tí àwọn obìnrin ń tò sí bá ń kún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí méjì àbọ̀ ni yóò gbà kí ọkọ̀ yẹn tó kún padà. Ilé náà ti di eérú.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ojú omi panápaná, irin pupa tí a ń rí létí òpópó ní ìlú ńlá, fi gba ìrònú. Òṣùwọ̀n àtijọ́ ilẹ̀ Faransé, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa mọ̀ dáadáa, ni pé kí irú irin bẹ́ẹ̀ máa pèsè 1.000 lítà ní ìṣẹ́jú kan fún wákàtí 2 gbáko. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120.000 lítà. Páìpù tín-ín-rín tí ó ń gbé omi mímu lọ sí abúlé kò lè gbé e. A lè ri irin pupa mọ́ ọn, kí a kùn ún kó máa dán, kí mẹ́ẹ̀rì wá ṣí i pẹ̀lú ìlù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ iná, omi tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní ju ti ẹ̀rọ àwọn obìnrin lọ púpọ̀.

Ohun méjì ni ó sàn kí a bèèrè dípò rẹ̀. Èkíní ni ẹnu páìpù ńlá ní ìsàlẹ̀ àgbá omi gíga tí ó ti wà ní ìlú, tí a lè ṣí fún ọkọ̀ panápaná nìkan. Omi tí ó wà lókè yóò fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìsí iná mànàmáná. Èkejì ni kòtò omi oníṣìmẹ́ńtì tí ó ní ìdérí, tí òjò orí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ọjà yóò máa kún. Ní àárín ìlú, kí ó gba 120.000 lítà, ní abúlé tí ilé jìnnà síra, 30.000 lítà lè tó. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ni yóò fa omi náà, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: kí ojú omi má jìn ju mítà 6 lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, kí ọkọ̀ sì lè dúró sí ìwọ̀n mítà 8 sí i. Kànga jíjìn kò wúlò fún un, bí omi rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀.

Kí a fi gbólóhùn kan kún un nítorí payó. Omi lásán kì í pa iná epo. Epo a máa léfòó lórí rẹ̀, a sì gbé iná lọ sí ilé kejì. Kí lẹ́tà náà bèèrè fọ́ọ̀mù fún ibùdó, kí a sì kó yanrìn sí ọjà.

Ó wá ku ọ̀nà, níbi tí ìjà ará ìlú máa ń wà. Ọkọ̀ panápaná nílò ojú ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó mítà 3, láìka gọ́tà, àti òfuurufú mítà 3,50 lókè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ gé oparun kan ní mítà 3, kí ẹni méjì gbé e ní ìbú láti títì wọ inú àdúgbò. Níbikíbi tí ó bá ti kọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: bóyá àtíbàbà ni, bóyá ògiri, bóyá òkìtì yanrìn. Igun ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí ọkọ̀ gígùn kì í yí bí alùpùpù. Ó ń fẹ́ kí ìtẹ̀ inú igun náà ní rédíọ́ọ̀sì mítà 11. Ẹ padà wọn ọ̀nà náà nígbà òjò, pàápàá níbi tí ilẹ̀ jẹ́ amọ̀ dúdú, torí ọkọ̀ tí ó kún fún omi lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 16.

Àkọsílẹ̀ yìí ni kí a so mọ́ lẹ́tà. Gbólóhùn rẹ̀ lè lọ báyìí: “Ọ̀gá wa mẹ́ẹ̀rì, a kí yín, a sì júbà. Láti títì dé ẹ̀yìn ọjà, ibi mẹ́rin ni ọkọ̀ panápaná kò ti lè kọjá. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àtíbàbà, àwọn olówò tí ó ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò sún wọn sẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ògiri ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán oníwọ̀nlẹ̀ wá.” Ìfọwọ́sí àwọn olówò yẹn ni yóò nira jù. Ìyá tí ó ń ta ẹ̀wà lábẹ́ àtíbàbà fún ogún ọdún kò ní sún nítorí pé a ka òṣùwọ̀n fún un. Kí àwọn àgbà ọjà bá a sọ̀rọ̀, kí a sì fi ibi tí yóò máa tà hàn án kí lẹ́tà tó kúrò nílé, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mẹ́ẹ̀rì yóò bi ẹgbẹ́ ni ẹni tí yóò kúrò lọ́nà, àti ibi tí yóò lọ.