Ìrìn àjò sí Arigbo: Ẹ dán géèmù inú tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ wò kí mọ́tò tó gbéra

Bí oṣù kẹjọ ọdún bá ti wọlé, ọ̀nà tó lọ sí Ìdáàṣà, ìlú olókè tí wọ́n ń kọ ní Dassa-Zoumè lórí àwòrán ilẹ̀ Benin, kì í dá mọ́. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì a máa rọ́ lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà Wúńdíá tó wà ní Arigbo. Ẹni tó bá gbéra láti Èkó yóò gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnù. Láti Kútọnù, ó tún ku nǹkan bíi 200 kìlómítà, ó máa gba Allada àti Bohicon kó tó fojú kan òkè. Ẹni tó bá kó ọmọdé dání mọ̀ pé ìrìn àjò náà kì í ṣe kékeré.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi máa ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé ọmọ lọ́wọ́. Nílé, géèmù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọjá Sẹ̀mẹ̀, síìmù Nàìjíríà tí wọn kò bá ṣètò ìlò rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè kò ní gbé dátà kankan wọlé mọ́. Àní ẹni tó ra síìmù Benin pàápàá yóò rí i pé nẹ́tíwọ̀kì a máa lọ, a máa bọ̀ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá rẹ̀ pé òbìrìkìtì kan ṣoṣo ló ń yí lójú tábúlẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe gbogbo géèmù tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà lórí rẹ̀ tán. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ wọn nìkan la gbà sílẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá dé ipele kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá àwòrán àti ohùn tó kù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn ń ṣí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì o, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, níbi tó jìnnà réré, ni wọ́n ń fi ibi tí ọmọ bá iṣẹ́ dé pamọ́ sí. Irú èyí ló burú jù, nítorí ọmọ yóò ta á fún wákàtí méjì láìmọ̀ pé kò sí ohun tó dúró.

Ohun tó ń pa iṣẹ́ rẹ́ ju àìsí nẹ́tíwọ̀kì lọ ni ìdádúró ojú ọ̀nà. Ní ẹnubodè, gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀. Bàbá á gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ, yóò ṣí àwòrán ìwé ìrìnnà wò, yóò tún ṣí àwòrán ilẹ̀, bóyá yóò ya fọ́tò kan sí i. Ní gbogbo àsìkò yìí, géèmù náà kò tíì kú, ó kàn wà lẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n bí ààyè ìrántí tábúlẹ́ẹ̀tì bá kéré, bíi gígábáìtì 2, ẹ̀rọ Android fúnra rẹ̀ yóò pa áàpù tó wà lẹ́yìn láti fi ààyè sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́. Kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Géèmù tó bá ti kọ ibi tó dé sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á yóò padà síbẹ̀. Èyí tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹkún sì dé nìyẹn.

Kò sí ìdí láti gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń polówó géèmù gbọ́, nítorí ìdánwò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó dára kí ẹ ṣe é ní ọjọ́ méjì sílẹ̀, kí àyè lè wà láti wá òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ ti íńtánẹ́ẹ̀tì pa pátápátá: ẹ tẹ Airplane mode, èyí tí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń sọ Faransé ń pè ní Mode avion. Ẹ wá ṣí géèmù náà, kí ẹ ta á kọjá ipele kan ó kéré tán. Bí ó bá kọ̀ láti kọjá ibẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé kò wà fún ọ̀nà Arigbo.

Bí ó bá kọjá, ẹ dúró láàárín eré, ẹ má parí ipele yẹn. Ẹ padà sí ojú ìbẹ̀rẹ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Settings, ẹ wá orúkọ géèmù náà lábẹ́ Apps, kí ẹ sì tẹ Force stop. Lójú tábúlẹ́ẹ̀tì Faransé, Paramètres ni ẹ ó rí, lẹ́yìn náà Applications àti Forcer l'arrêt. Ẹ tún géèmù náà ṣí. Bí ó bá padà sí ibi tí ẹ fi sílẹ̀ gan-an, yóò la ẹnubodè já.

Ìdánwò yìí ní ibi tó mọ o. Ẹ ti kúrò nínú géèmù kí ẹ tó tẹ Force stop, ó sì ti rí àyè kọ nǹkan sílẹ̀. Bátìrì tó ti gbó kì í fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣì máa fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún hàn, kí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kàn ṣókùnkùn lójijì. Bí ti yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, géèmù tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí a bá jáde nìkan kò tó. Èyí tó ń kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ nílò, tàbí èyí tí eré rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àdánù rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Fún eré kúkúrú, mi ò tíì rí èyí tó dára ju Simon Tatham's Puzzles lọ. Nǹkan bíi 40 eré àròjinlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní ìpolówó. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, ọmọ tó bá fẹ́ràn àwọ̀ tó ń tàn lè kọ́kọ́ yínmú sí i. Àmọ́ ó máa ń rántí eré tí a kò tíì parí. Bí bátìrì bá tilẹ̀ kú lójijì, eré kan ṣoṣo ló lọ.

Fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, Unciv wà, níbi tí a ti ń tẹ ìlú dó tí a sì ń darí rẹ̀ ní ìyípo-ìyípo. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ó ń kọ ibi tí a dé sílẹ̀ lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohun tí bátìrì lè gbé lọ kò ju ìyípo kan. Shattered Pixel Dungeon náà kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí a bá jáde tàbí bí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí àjà mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e lé ọmọ ọdún méje lọ́wọ́: bí akọni inú rẹ̀ bá kú, eré parí pátápátá, ìpamọ́ kankan kò lè jí i dìde.

Ewu kan tún kù, ó sì máa ń jẹ́ ní Arigbo fúnra rẹ̀. Fọ́tò àti fídíò ìsìn á kún inú tábúlẹ́ẹ̀tì, àgbà kan á sì fẹ́ pa nǹkan rẹ́ kí àyè lè wà. Bí ó bá yọ géèmù kúrò, tàbí tí ó tẹ Clear data, tàbí Effacer les données, gbogbo ohun tó wà ní ìpamọ́ ti lọ nìyẹn. Clear cache, tàbí Vider le cache, ni kó tẹ̀. Ìyẹn kì í sábà fọwọ́ kan ibi tí ọmọ ta géèmù dé, ọmọ á sì rí nǹkan bá padà sílé.