Bí Ọkàn Ṣe Ń Kọ Ìròyìn Ara Rẹ̀ Sórí Bébà

Bí nọ́ọ̀sì bá lẹ wáyà mọ́ ènìyàn lára láti ṣe àyẹ̀wò í-sí-jí, ẹ̀rù a máa ba ọ̀pọ̀ pé iná fẹ́ gbé àwọn. Ẹ̀rọ náà kì í tan iná sí ara ẹnikẹ́ni. Iná tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń tan ló ń gbọ́. Iná yìí kéré púpọ̀: bó ṣe máa ń dé awọ ara, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì ni tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Willem Einthoven ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Netherlands, ní nǹkan bí ọdún 1903, inú garawa omi iyọ̀ ni aláìsàn ń ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀. Lónìí, ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ra jẹ́ mẹ́wàá: mẹ́rin sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, mẹ́fà sí àyà. Bí iná bá ń bọ̀ lápá ibi tí à ń wò ó, ìlà á gòkè. Bó bá ń lọ, ìlà á sọ̀kalẹ̀.

Einthoven ló sọ àwọn ìgbì náà ní P, Q, R, S àti T. Iná bẹ̀rẹ̀ lókè, ní ìyẹ̀wù ọ̀tún ọkàn. Bó ṣe ń tàn ká ìyẹ̀wù òkè méjèèjì, ó ya òkìtì kékeré kan: P nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Iná ti dé ẹnubodè tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí àyè sàn bọ́ sí ìsàlẹ̀. Bó ti kọjá, ó sáré wọ àwọn ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ tí ẹran wọn nípọn, ìlà sì ga ṣónṣó: Q, R àti S nìyẹn. T tó gbẹ̀yìn ni ìgbà tí ẹran náà ń palẹ̀ mọ́ de ìlù tó kàn.

Ẹ wo bébà ìyá àgbà kan. Bébà ń sáré mìlímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àpótí kékeré kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.04, àpótí ńlá sì jẹ́ 0.2. Láti R kan sí èkejì, àpótí ńlá mẹ́rin ni. 300 tí a pín sí 4 jẹ́ 75, iye ìgbà tí ọkàn ìyá ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ P dé ìbẹ̀rẹ̀ Q, àpótí kékeré méje ni, ìyẹn 0.28. Mẹ́ta sí márùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Iná ń pẹ́ jù ní ẹnubodè. Níwọ̀n bí gbogbo P ti ní R tó tẹ̀ lé e, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n rán tí kò dé, nítorí náà ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi í ni oògùn tó ń lò, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń fa irú ìdádúró yìí. Bí P kan bá dá dúró láìní R, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ìlà náà lè tan ni jẹ. Bí òtútù bá ń mú ènìyàn gbọ̀n, ìlà á di jágajàga. Bí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì, ìgbì á dojú dé. Iná nìkan ló sì ń fi hàn, kì í ṣe agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni bébà kan sì sábà máa ń gbà. Àyà tó já lálẹ́ àná lè má sí níbẹ̀ rárá. Ẹnu aláìsàn ni dókítà yóò ti gbọ́ ìyẹn.