Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lórí aṣọ àdìrẹ: ẹ̀bùn tí ìyá àgbà máa rí kedere

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ya ilé kan, òòrùn àti adìẹ sórí ìwé, ó ní kí n bá òun fún ìyá mi tó wà l'Abẹ́òkúta. Màmá gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún un dáadáa, wọ́n sì fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìgbà tó kù èmi àti wọn nìkan ni wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni ọmọ yìí tiẹ̀ yà gan-an? Mi ò rí i o. Mo kàn ń sọ pé ó dáa ni." Ojú Màmá ti rẹ̀. Ìlà pẹ́ńsù tín-ín-rín lórí ìwé funfun kò lè yé wọn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá nǹkan míì nígbà tí ọmọ náà pé ọdún márùn-ún. Ohun tí a ṣe ni ìborùn àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà wà láàárín rẹ̀, ọwọ́ funfun nínú aró dúdú. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ máa rí i, ó sì ṣeé ró tàbí kó wé orí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, títí kan ibi tó ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, torí aṣọ méjì ni a lò ká tó rí ọ̀kan mú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé aláró ti mọ èyí, ẹ máa fojú fò ó. Àdìrẹ oníko ni èyí tí wọ́n máa ń fi ìko di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ti ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi máa ń yàwòrán sórí aṣọ, pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ tàbí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá wá họ ẹ̀kọ náà kúrò, ibẹ̀ á funfun. Bí wọ́n ṣe ṣe Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí nìyẹn, àti Jùbílì tó jáde nígbà ayẹyẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1935. Iṣẹ́ àgbà ni, àmọ́ kíkun ẹ̀kọ sínú ìlà tí òbí ti fà sílẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é.

Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Yáàdì kan aṣọ òwú funfun tó fúyẹ́ ti tó. Ẹ má kàn gba ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ o, torí aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà hun kì í gba aró ẹlú. Ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ náà, kí ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe ọmọ, fi iná ìṣáná kàn án. Tó bá jó bí ìwé, tó di eérú tó rọ̀, òwú ni. Tó bá yọ́, tó sì di kóró líle, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, nítorí aṣọ tuntun máa ń ní sítáàṣì ilé iṣẹ́ lára, sítáàṣì yìí kì í sì í jẹ́ kí aró wọlé. Bí ẹ bá kán omi sí i tí omi náà dúró lórí rẹ̀ bíi ti ewé kókò, ẹ tún un fọ̀. Ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú.

Ọjọ́ kejì ni ẹ máa pe ọmọ. Ẹ na aṣọ sórí tábìlì tí ẹ ti fi ọ̀rá tẹ́, kí ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà máa sún. Kí ọmọ gbé ọwọ́ lé àárín aṣọ, kó ya ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù tọ̀ ọ́ yíká. Ẹ fún ìlà náà láàyè díẹ̀ kó tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ gan-an lọ, pàápàá láàárín ìka sí ìka. Bí ìka bá sún mọ́ra jù, ẹ̀kọ á pa pọ̀, ọwọ́ á sì dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ̀kọ wá ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Kọ́ọ̀pù láfún kan sí kọ́ọ̀pù omi mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ tó dí kù láfún náà, kí ẹ fi díẹ̀ nínú omi tútù pò ó kó má ní kókó, kí ẹ wá dà á sínú omi tó kù tó ń hó, kí ẹ máa rò ó títí á fi jinná tí á máa dán. Mo fi ṣíbí ìpo-tíì álọ́ọ̀mù lílọ̀ kan sí i, torí ó ń ràn án lọ́wọ́ kó má tètè yọ́ nínú aró. Àwọn aláró máa ń fi kẹ́míkà aláwọ̀ búlúù kan sí i pẹ̀lú, àmọ́ májèlé ni, èmi ò jẹ́ fi í sí ohun tí ọmọ máa fọwọ́ kàn. Ẹ̀kọ yìí pàápàá, ẹ má jẹ́ kó tọ́ ọ wò. Tó bá ti tutù, ẹ fi ṣíbí bù ú sókè. Kó máa já bọ́ ní ṣùpọ̀ṣùpọ̀, kó má máa ṣàn.

Ibí yìí ni mo ti kùnà nígbà àkọ́kọ́. Mo ṣe ẹ̀kọ bí ẹni tó fẹ́ mu ún láàárọ̀, mo sì ní kí ọmọ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ó dùn mọ́ ọn gan-an. Àmọ́ ẹ̀kọ tí ọwọ́ tẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ láàárín, á sì ki létí. Nígbà tí aṣọ dé láti ọ̀dọ̀ aláró, àwọ̀ aró ti gba gbogbo àtẹ́lẹwọ́, ó ku àbàwọ́n funfun bíi mélòó kan. Ọmọ wò ó, ó ní, "Ọwọ́ ta nìyí?" Ọjọ́ mẹ́fà ló kù ká lọ sí Abẹ́òkúta.

Lẹ́ẹ̀kejì, a kì í tẹ̀ mọ́, kíkùn ni. Ọmọ á bu ẹ̀kọ sínú ìlà pẹ̀lú ìka tàbí ṣíbí kékeré, á máa tì í lọ sí etí ìlà, títí gbogbo rẹ̀ á fi nípọn tó owó ẹyọ. Èmi ni mo fi ọwọ̀n ìgbálẹ̀ tún etí rẹ̀ ṣe. Ẹ wo ọmọ yín o: ti èmi kò lè jókòó ju bí ìṣẹ́jú ogún lọ. Ọwọ́ la ṣe láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló wá fi ìka to ẹ̀kọ ní tóótòòtó yí etí aṣọ ká. Àwọn tóótòòtó yẹn wọ́, wọn ò sì dọ́gba. Mi ò tún wọn ṣe.

Kí ẹ̀kọ tó gbẹ, ẹ gbé aṣọ náà sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ketekete nínú ọwọ́, ó fẹ́lẹ́, kí ọmọ fi ẹ̀kọ kún un. Ẹ wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì sá a sóòrùn díẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá gbà. Ó ti gbẹ nígbà tí èékánná kò bá lè tẹ ibì kankan wọlé mọ́. Ẹ má ká a o. Ẹ̀kọ gbígbẹ máa ń sán, aró á sì gba ojú ibi tó sán wọlé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ kò burú, òun gan-an ló ń jẹ́ kí àdìrẹ jọ àdìrẹ. Bí èèpá bá wá re kúrò látòkè délẹ̀, ìyẹn ti di wàhálà.

Ẹ má ṣe aró nílé pẹ̀lú ọmọ. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń fi sí i máa ń jó awọ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́ pátápátá. Aláró ni mo gbé tiwa lọ fún. L'Abẹ́òkúta, ẹ máa rí wọn ní Ìtòkú àti Kémta, ó sì wà l'Òṣogbo náà. Kí ẹ tó fi aṣọ sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹlẹ́kọ ni, kí wọ́n má rẹ ẹ́ sínú aró gbígbóná, kí wọ́n má sì fún un bí aṣọ ìfọ̀, torí méjèèjì ló ń ba ẹ̀kọ jẹ́. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ wò ó, ẹ mú ọmọ dúró lókèèrè. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú rẹ̀ níbẹ̀. Ìrì ẹ̀ẹ̀kan kò tó, ti wa tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n sì ń jẹ́ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ láàárín ìgbà kan sí èkejì.

Nígbà tí aṣọ bá gbẹ tí wọ́n sì ti fi omi ṣan kẹ́míkà ara rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ padà sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún bíi wákàtí kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí pátákó, kí ọmọ fi etí ṣíbí máa họ ẹ̀kọ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀wọ́ o, aró tó kù lára aṣọ á kun ún lọ́wọ́. Ìka àtàńpàkò ló kọ́kọ́ yọ nínú tiwa. Ọmọ pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú.

Tí bàbá àgbà náà bá wà, ẹ má ṣe òmíràn bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọmọ á ti sú. Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun, kí ọmọ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ níbi mẹ́rin, kí ẹ fi rọ́bà dì í le lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìborùn. Bí ìdè bá le tó, òrùka funfun mẹ́rin ló máa yọ.

Ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ Màmá, ọmọ kúnlẹ̀, ó na aṣọ náà sí wọn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá gbé ọwọ́ tiwọn lé ọwọ́ funfun náà. "Ọwọ́ rẹ nìyí," ni wọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Fún ìfọ̀ àkọ́kọ́, ẹ sọ fún màmá yín pé aró máa ṣì ń jáde díẹ̀. Kí wọ́n dá a fọ̀ sínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, láìsí bílíìṣì, kí wọ́n sì sá a síbi tí òòrùn kò ti mú.