Ìkíni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Tó Ń Mú Ká Gbé Fóònù

Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ìlú láàárọ̀, àwọn kan nínú wa máa ń ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, fi orin sí i!" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nínú ìkíni yẹn.

Yorùbá kì í kí èèyàn lásán. "Ẹ kú" máa ń tẹ̀ lé ohun tí onítọ̀hún ń ṣe tàbí ohun tó ń bá a fínra: ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó wà nípò náà á mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń kí.

Ká sọ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan l'Ádó-Èkìtì ní: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin ará Ọjà Ọba, ẹ kú ọjà. Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gba Fájuyì kọjá, ẹ rọra o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú aláìsàn lọ́sibítù, ẹ kú ìrọ́jú. Bí owó oògùn bá ká yín lọ́wọ́ kò, ẹ pè wá."

Ìkíni ọlọ́jà àti ti awakọ̀ parí síbẹ̀. "Bí owó oògùn bá" ló sọ ìkẹta di ìpè. Ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù á mọ̀ pé wọ́n ń retí òun. Ìtìjú rẹ̀ á sì dín kù, torí ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ àìlówó ti kọ́kọ́ jáde.

Ti Ahmad Isah lórí ètò Brekete Family l'Ábújá yàtọ̀. Òun á ké "Hembelembe!", àwọn èrò á dáhùn "Olololo!" Kò dárúkọ ìṣòro kankan, ó kàn ń kó èrò jọ ni. Ó bá Àbújá mu, níbi tí èdè ti pọ̀. Lójú tèmi, kò lè ṣe iṣẹ́ "ẹ kú ìrọ́jú" fún ìyá wa ní wọ́ọ̀dù.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni "ẹ pè wá fún ohunkóhun." Ẹ máa mọ̀ ọ́n: ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n á máa kí, tí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ á máa gbọ́ pé láìnì ò ṣófo.

Àwa tá a ń fi dátà gbọ́ rédíò tún ní wàhálà tiwa. Ohùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ ju ti rédíò lọ, nígbà míì ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ká tó gbọ́ "ẹ pè wá," láìnì ti kún. Bí ẹ bá fẹ́ pè, rédíò gidi ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì yí i wálẹ̀ pátápátá bí wọ́n bá gbé e, kó má baà hu sínú fóònù. Ẹ kọ́kọ́ sọ àdúgbò yín àti ohun tẹ́ ẹ nílò. Nọ́ńbà àkáǹtì kì í ṣe ohun à ń kà sórí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ètò ni kẹ́ ẹ fún wọn, pẹ̀lú bíìlì ọsibítù.