Bí gbèsè iléeṣẹ́ ṣe lè dé orí ilé ẹni tó ni ín

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, gbèsè iléeṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe gbèsè ẹni tó ni ín. Àmọ́ bí ẹni náà bá fọwọ́ síwèé pé òun dúró fún ẹ̀yáwó náà, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ká ní iléeṣẹ́ kan jẹ báńkì ní mílíọ̀nù 20 náírà, tó sì san 12 péré. Báńkì lè bèèrè mílíọ̀nù 8 tó kù lọ́wọ́ onídùúró. Bó bá jàre nílé ẹjọ́, ọkọ̀ àti ẹrù onídùúró ni wọ́n máa kọ́kọ́ tà. Bí ìyẹn kò bá tó, adájọ́ lè yọ̀ǹda kí wọ́n ta ilé rẹ̀.

Bí ìwé náà bá sọ pé "gbogbo gbèsè", ẹ̀yáwó ọjọ́ iwájú náà lè wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye kan pàtó.