Owó Oṣù ní Sefa, Oúnjẹ Ìyá ní Náírà

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Pobè àti Sakété ló ní ìyá tàbí ọmọ ní òdìkejì ẹnubodè. Bí oṣù bá fẹ́ parí, iye tó bá kù lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kò ní sí ohun tó kù, gbèsè ni wọn yóò sì jẹ. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni ó yẹ kí a ya owó náà sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ kan ní Pobè tí ó ń gba 90 000 sefa, tí ó ní aya àti ọmọ méjì, tí ìyá rẹ̀ sì ń gbé ní Ìlaró. Ó kọ ìnáwó rẹ̀ sínú ìwé báyìí:

Oúnjẹ: 36 000
Owó ilé: 12 000
Owó ìyá: 12 000
Epo alùpùpù: 9 000
Ilé ẹ̀kọ́ àti oògùn: 8 000
Iná àti omi: 7 000
Àpótí ìpamọ́: 6 000
Àpapọ̀: 90 000

Báwo ni ó ṣe mọ̀ pé 12 000 ni ti ìyá? Ó kọ́kọ́ bi ìyá léèrè iye tí oúnjẹ àti oògùn rẹ̀ ń jẹ lóṣù. Ìyá ní 27 500 náírà ni. Ká ní 1 000 sefa ń di 2 500 náírà lọ́jọ́ náà, 11 000 sefa ni yóò pààrọ̀. Owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ 1 000. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ 12 000.

Ṣùgbọ́n iye náírà kì í dúró lójú kan. Sefa so mọ́ yúrò: yúrò 1 jẹ́ 655,957 sefa. Náírà kò so mọ́ ọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi.

Bí 1 000 sefa bá di 2 200 náírà péré, òṣìṣẹ́ wa yóò nílò 12 500 sefa fún 27 500 náírà kan náà. Inú àpótí ni yóò ti mú 1 500 tí ó lé. Bí ó bá sì di 2 750 náírà, 10 000 sefa ti tó. Yóò dá 1 000 padà sínú àpótí. Kó má ṣe kánjú ná an, nítorí pé bí náírà bá já wálẹ̀, oúnjẹ sábà máa ń gbówó lórí ní Ìlaró. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ó tún bi ìyá léèrè iye tí ọjà ń jẹ.

Kí ó fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá pín in sí mẹ́ta, tí owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ 1 000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 2 000 sefa ti ṣòfò.

Bí àpótí bá ṣófo ní oṣù méjì léra wọn, ìnáwó ti ju owó oṣù lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà náà, kí òun àti aya rẹ̀ jọ jókòó ti ìwé náà, kí wọ́n mọ èyí tí wọn yóò dín kù, kí wọ́n sì pe ìyá àti àwọn àbúrò tó kù, kí wọ́n lè jọ pín ẹrù náà.