Íǹṣì Kan Ààbọ̀ Tó Fẹ́ Ba Aṣọ Ojúde Ọba Jẹ́

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, aránṣọ kì í rí oorun sùn dáadáa mọ́. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, ọjọ́ náà sì ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, máa ń tò lọ kí Awùjalẹ̀. Nígbà ayé Ọba Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wà lórí oyè láti 1960 títí tó fi wàjà ní 2025, ni ètò ẹgbẹ́ wọ̀nyí tún gbèrú, aṣọ sì di ìdíje láàárín wọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tirẹ̀. Níbi tí ogún obìnrin bá ti wọ léèsì kan náà, kò sẹ́ni tó máa fi léèsì yọ mọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n á máa wò. Bí etí aṣọ ẹnì kan bá gbé sókè níwájú, kò ní ibi tó máa sá sí, torí pé irú ẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹni tó dúró tì í, ti onítọ̀hún sì jókòó dáadáa.

Àròsọ ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ẹni tó bá ti jókòó ní ìsọ̀ aránṣọ pẹ́ ti rí i rí.

Ọ̀gá kan wà tó ti lo ju ogún ọdún lọ nídìí iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn kò sì tíì fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà rí. Tirẹ̀ ni kó lọ aṣọ, kó tú ojú rírán tó bá wọ́, kó gán bọ́tìnnì, kó sì di ìwé ìdíwọ̀n mú nígbà tí Màdámù bá ń fi tépù wọn èèyàn. Màdámù á pe iye, òun á kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn obìnrin mẹ́fà kó léèsì ẹgbẹ́ wọn wá. Wọn kò fẹ́ bùbá tó ṣí gbàgà. Búláòsì tó máa mú wọn lára níwọ̀nba ni wọ́n ní kó bá ìró lọ. Ara mẹ́rin nínú wọn sún mọ́ra, 40 íǹṣì ni àyà wọn, gígùn wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Màdámù ní òun á ya pátánì kan sórí bébà, òun á fi gé ti àwọn mẹ́rin yìí, òun á sì fi díẹ̀ kún un fún àwọn méjì tó sanra.

Pátánì ni ara oníbàárà tí aránṣọ yà sórí bébà kó tó fọwọ́ kan aṣọ. Fífẹ̀ rẹ̀ kò le. A ó pín iye àyà sí ọ̀nà mẹ́rin, 40 á di 10. A ó fi ààbọ̀ íǹṣì lé e kí ẹni náà lè rí èémí mí, a ó sì fi íǹṣì kan lé e fún ojú rírán. Gígùn ló ń kó aránṣọ sí wàhálà. Tí ẹ bá wọn obìnrin lẹ́yìn, láti ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká wá sí ìbàdí, tépù á sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Níwájú, ó di dandan kó gun orí ọmú kó tó sọ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí iye iwájú fi máa ń ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ìwé ìdíwọ̀n ọjọ́ yẹn, 16 ni ẹ̀yìn, 17½ ni iwájú.

Íǹṣì kan ààbọ̀ tí iwájú fi gùn jù yìí, ọmú nìkan ló nílò rẹ̀. Lábẹ́ abíyá kò sí òkè tí aṣọ fẹ́ gùn, iwájú àti ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba níbẹ̀ kí a tó lè rán wọn pọ̀. Iṣẹ́ dáàtì nìyẹn. Àfikún náà á wà lórí bébà láti àárín àyà títí dé ẹ̀gbẹ́. Dáàtì á wá ká èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀, á sì fi ti àárín sílẹ̀ fún ọmú. Bí àfikún ò bá sí, kò sí ohun tí dáàtì fẹ́ ká. Bí ẹ bá sì fi agídí ká a, ara aṣọ gan-an lẹ ń ká.

Ibi tí Màdámù ti ṣì í gan-an nìyí. Bùbá lọwọ́ rẹ̀ mọ́, bùbá kì í sì í ní dáàtì. Ẹni tó bá ń ya bùbá á ká bébà sí méjì, á gé iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kìkì ọrùn ni wọ́n á fi yàtọ̀ síra. Bó ṣe ṣe é nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lo 16 fún méjèèjì, ó gé e. Ìgbà tó parí ló rántí pé àwọn oníbàárà fẹ́ kó mú wọn lára, léèsì náà kì í sì í nà. Ó mú bírò, ó ya dáàtì sí iwájú: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì kan ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ dúró ní nǹkan bí íǹṣì kan sí orí ọmú, bó ṣe yẹ. Dáàtì tó dára ni lójú. Àfikún tó yẹ kó ká ni kò sí níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ náà fi píìnì gán pátánì mọ́ léèsì kí òun lè wá gé e. Ọmọ náà kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ iwájú ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, láti abíyá dé ìbàdí: 8 nìyí, 8 nìyẹn. Wọ́n dọ́gba, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló kọ ìwé ìdíwọ̀n, ó sì rántí pé iye méjì lòun kọ fún gígùn. Ó wọn iwájú láti èjìká dé ìbàdí, ó bá 16. Ó wọn ẹ̀yìn, ó bá 16. Kò rí 17½ níbì kankan lórí bébà náà.

Ó wá ká dáàtì yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe máa rán an. Ó mú ìlà òkè pàdé ìlà ìsàlẹ̀, ó fi píìnì dè é, ó sì tún gbé e ti ẹ̀yìn. Lábẹ́ abíyá wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí iwájú parí ní 6½, íǹṣì kan ààbọ̀ ṣì kù lára ẹ̀yìn.

Oníbàárà wà ní ìsọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó dúró títí onítọ̀hún fi lọ, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí. Mo ká dáàtì yìí, mi ò mọ̀ bóyá bí mo ṣe ká a ni ò dáa."

"Àbí ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní dáàtì?"

"Rárá o, mà."

Màdámù gba bébà náà, ó tú píìnì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká a. Ó fi ti ẹ̀yìn. Ó tún tú u, ó tún ká a.

"Ìwé ìdíwọ̀n dà? Kí lo kọ síwájú?"

"Mẹ́tàdínlógún ààbọ̀, mà."

"Ọwọ́ bùbá ló mú mi. Ṣé o ò tíì gé nǹkan kan?"

"Mi ò tíì gé e, mà."

Ká ní wọ́n ti gé e ńkọ́? Ohun méjì ni aránṣọ sábà máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀gbẹ́ méjì ò bá bára dọ́gba. Àwọn kan á fa iwájú kó lè bá ẹ̀yìn; léèsì tí kì í nà á hunjọ ní ojú rírán, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn á gé íǹṣì kan ààbọ̀ kúrò nísàlẹ̀ ẹ̀yìn kí méjèèjì lè bára mu, aṣọ á wá kúrú yí ká, ọmú á sì tún gbé iwájú kúrò lórí ìbàdí. Kò sí àtúnṣe lẹ́yìn ìyẹn. Léèsì ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré lọ rà kún ní ọjà, torí pé iye tí ẹgbẹ́ fẹ́ ni wọ́n kó wá.

Lórí bébà, àtúnṣe náà kò gbà wọ́n lákòókò. Màdámù fi rúlà fa ìlà gbọọrọ láti èjìká dé ìsàlẹ̀ pátánì iwájú, kí ó má bàa wọ́. Ó gé bébà náà já ní ìbú, ní ibi tí orí ọmú wà, láti àárín àyà dé ẹ̀gbẹ́. Ó ya apá méjèèjì síra ní íǹṣì kan ààbọ̀, ó tẹ́ bébà mìíràn sábẹ́ wọn, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì rí i pé ìlà tóun fà kò yẹ̀. Gígùn iwájú di 17½. Ẹ̀gbẹ́ di 9½, dáàtì á sì dá a padà sí 8. Lẹ́yìn náà ló ká dáàtì sísàlẹ̀, ó sì gé ẹ̀gbẹ́ náà nígbà tó ṣì wà ní kíká. Nígbà tó tú u, ẹnu dáàtì ti yọ góńgó díẹ̀ kúrò lára ẹ̀gbẹ́. Góńgó yẹn ṣe pàtàkì: òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu dáàtì kúrú kí ojú rírán tó mú un.

Wọ́n tún ṣí ojú ìwé àwọn méjì tó sanra. Àyà 44, 16½ lẹ́yìn, 18½ níwájú. Íǹṣì méjì ló wà láàárín wọn. Fífi íǹṣì kan kún ẹ̀gbẹ́ nìkan, bí Màdámù ṣe rò tẹ́lẹ̀, kò ní tó wọn. Dáàtì tiwọn gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, pátánì wọn sì gbọ́dọ̀ dá dúró.

Kíká dáàtì lórí bébà kì í mú gbogbo àṣìṣe o. Kìkì ibi tí pátánì bá ti ń ta ko ara rẹ̀ ló máa fi hàn. Bí tépù bá ti wọ́ nígbà ìdíwọ̀n, tàbí tí ẹni tó ń kọ̀wé bá gbọ́ 16½ dípò 17½, bébà á ká dáadáa, aṣọ á sì bàjẹ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ béèrè fún wíwọ̀ wò kí wọ́n tó parí iṣẹ́. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí dígí, kí ẹ sì wo etí aṣọ. Bó bá tẹ́ lẹ́yìn tó gbé sókè níwájú, tàbí tí aṣọ bá ń hunjọ láti orí ọmú lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé áyọ́ọ̀nù á tẹ́ ẹ. Ẹ ní kí wọ́n wọn gígùn iwájú àti ti ẹ̀yìn yín lójú yín, kí wọ́n sì fi iye méjèèjì wé pátánì tí wọ́n fi gé e.